Ìwé kékeré tó ń tẹ̀lé purúùfù: ohun tí a ń kọ sí ẹni tó ni iṣẹ́

*"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka purúùfù ìjábọ̀ kan tán, ojú ewé 92, lórí àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú níbí ní Abẹ́òkúta. Bàbá tó kọ ọ́ ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àtúnṣe mi lé ní 1,300. Wọ́n ní kí n kọ ìwé kékeré kan mọ́ ọn, kí àwọn lè mọ ohun tí mo yí padà àti ìdí tí mo fi yí i. Mo ti kọ ojú ewé mẹ́fà, n kò sì tíì dé ìdajì. Kí ni kí n kọ, kí ni kí n fi sílẹ̀? Mo fi orí mẹ́ta nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín."*

Àbúrò mi, mo ti ka orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ka ojú ewé mẹ́fà yẹn náà. Fi ojú ewé mẹ́fà pa mọ́ fún ara rẹ, má fi ránṣẹ́ sí Bàbá. Ohun tó kún inú rẹ̀ ni pé o yọ kọ́mà níbí, o fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún. Fáìlì fúnra rẹ̀ ti sọ gbogbo ìyẹn, nítorí `Track Changes` wà lórí rẹ̀, bí Bàbá bá sì ti ṣí i ni wọ́n á rí ohun tó jáde àti ohun tó wọlé. Ohun méjì ni fáìlì kò lè sọ fún wọn: ìdí tó o fi ṣe ohun tó o ṣe, àti àwọn ibi tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló lè pinnu. Ohun méjì yẹn ni ìwé kékeré wà fún, ojú ewé kan sì tó o.

Bó o bá tún fi ara balẹ̀ wò ó, 1,300 kọ́ ni àtúnṣe rẹ. Nínú orí mẹ́ta tó o fi ránṣẹ́, ohun bí mẹ́fà péré lo ń ṣe ní àṣetúnṣe. Ọ̀kan lára wọn, "enia" tó o sọ di "ènìyàn", nìkan ti tó ìgbà ogójì. Bàbá kò nílò kí o ka ogójì fún wọn. Ìlà kan tó sọ òfin tó o tẹ̀lé ti sọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni mo pín wọn sí. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù, ká lè tètè kúrò níbẹ̀. Àlàfo méjì láàárín ọ̀rọ̀, àmì ìdánudúró tó bọ́ sílẹ̀, àti lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: kò sí òǹkọ̀wé tó máa bá ọ jiyàn lórí wọn. Pa `Track Changes` kó o tó ṣe irú àtúnṣe báyìí, kí wọ́n má baà bo àwọn tó ṣe pàtàkì mọ́lẹ̀, kó o sì tàn án padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó o bá ṣe láìfi hàn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kékeré, ó kéré tán ní gbólóhùn kan. Bí Bàbá bá fúnra wọn rí i pé nǹkan kan yí padà láìjẹ́ pé ó ní àmì, wọn kò ní fọkàn tán ìyókù mọ́.

Inú ọ̀wọ́ yìí náà ni mo fi ọ̀rọ̀ lẹ́tà alámì sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló gba àkókò rẹ jù. Lẹ́tà ẹ́ jọ ẹyọ kan lójú wa, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń tò ó nínú kọ̀ǹpútà ju ọ̀kan lọ. Ẹlòmíràn á tẹ ẹ tó ti ní àmì abẹ́ rẹ̀, `U+1EB9`, á wá fi àmì òkè, `U+0301`, lé e. Ẹlòmíràn á tẹ é tó ti ní àmì òkè, `U+00E9`, á wá fi àmì tóótó, `U+0323`, sábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ò sì lo tóótó rárá, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, `U+0329`, ni wọ́n ń fi sábẹ́ e. Nínú orí kẹta Bàbá, mo rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, ó hàn pé ibi púpọ̀ ni wọ́n ti da ọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀. Bó o bá fẹ́ mọ èyí tó wà níwájú rẹ nínú `Word`, fi kọ́sọ̀ sẹ́yìn lẹ́tà náà kó o tẹ Alt+X, nọ́ńbà àmì tó kẹ́yìn á jáde. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, á padà sí bó ṣe wà. Àwọn méjì àkọ́kọ́, ètò tí wọ́n ń pè ní NFC máa ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹ̀kẹta kò ní yí padà, nítorí ohun mìíràn gbáà ni kọ̀ǹpútà kà á sí, ọwọ́ la fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí tó fi yẹ kí Bàbá gbọ́ sí i ni pé bí wọ́n bá fi `Find` wá "ẹlẹ́kọ" nínú ìjábọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ díẹ̀ ló máa jáde, tí ìyókù á sì wà níbẹ̀ tí ojú ń rí i. Ìyẹn nìkan ni kí o sọ. Má kó àwọn nọ́ńbà yẹn sí wọn létí.

Ọ̀wọ́ kejì ni ti àkọtọ́, ibí sì ni wàá ti ṣọ́ ẹnu rẹ. Nínú ojú ewé mẹ́fà rẹ, o pe "aiye", "enia", "obirin", "ọkọnrin" àti "nwọn" ní "àṣìṣe". Wọn kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìpàdé tí àwọn ìjọ C.M.S. ṣe ní Èkó ní 1875 ni wọ́n ti fẹnu kò lórí ọ̀pọ̀ nínú àkọtọ́ tí àwọn baba wa lò, àfi ìgbà tó di 1974 tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí. Bàbá ti kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ohun tó o máa kọ ni pé o mú gbogbo ìjábọ̀ bá àkọtọ́ 1974 mu, kí o fún wọn ní àpẹẹrẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí o sì sọ ìdí tó kan iṣẹ́ wọn gan-an: inú ìjábọ̀ kan náà ni "enia" àti "ènìyàn" jọ wà, òǹkàwé á sì máa rò pé ènìyàn méjì ló kọ ọ́.

Ohun kan wà tó o ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n o kò sọ ọ́ níbikíbi. Ní orí kìíní, Bàbá fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú ìwé ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ níbí ní Abẹ́òkúta ní 1859. O fi àkọtọ́ ayé àtijọ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a bá fà yọ kì í ṣe tiwa láti tún ṣe. Àmọ́ bí o kò bá sọ ọ́, Bàbá á rí "enia" níbẹ̀, wọ́n á rò pé o fò ó. Ohun tó o mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí èyí tó o yí padà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ìyá aláró tí wọ́n kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn Ẹ̀gbá wọn. Inú mi dùn pé o ò sọ wọ́n di Yorùbá ilé ìwé. Sọ fún Bàbá pé o ò fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Èkó ńkọ́? O tún un ṣe ní ibi mọ́kàndínlógún, o sì kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ohun tó fà á. Ẹnìkan ti lo `Replace All`, ó ní kí gbogbo "eko" di "ẹ̀kọ́". Ẹ̀rọ kò mọ ìlú yàtọ̀ sí kíláàsì, kò sì mọ kíláàsì yàtọ̀ sí ẹ̀kọ tí à ń mu. Bí "Ìpínlẹ̀ Ẹ̀kọ́" ṣe dé ojú ewé nìyẹn, tí "àdìrẹ ẹlẹ́kọ" sì di "àdìrẹ elẹ̀kọ́". Ẹ̀kọ ló bí orúkọ aṣọ yẹn, nítorí láfún tí wọ́n sè bí ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń ya àwòrán sára rẹ̀, kí aró má baà mú ibẹ̀. Òǹkàwé tó bá mọ iṣẹ́ náà á rí i, á sì rò pé Bàbá ò mọ orúkọ ohun tí wọ́n ń kọ̀wé lé lórí. Gbólóhùn kan tó ohun mọ́kàndínlógún yìí, ṣùgbọ́n sọ ohun tó fà á, kí wọ́n má tún lò ó lẹ́yìn tó o bá ti dá iṣẹ́ padà.

Ọ̀wọ́ kẹta ló yẹ kó gba ìdajì ìwé náà, òun gan-an sì ni kò sí nínú ojú ewé mẹ́fà rẹ.

Wo orí kẹrin, ìlà àkọ́kọ́. Bàbá kọ ọ́ láìsí àmì ohùn: "Owo awon aladire Itoku ti din ku laarin odun meji." O fi àmì sí i, ó di "owó". Kí ló sọ fún ọ pé owó ni? Ó lè jẹ́ "òwò". Bí òwò bá dín kù, oníbàárà ò wá mọ́. Bí owó bá dín kù, oníbàárà lè máa wá bí ti tẹ́lẹ̀, kó jẹ́ pé kọ́sítíìkì sódà àti aró ti wọ́n débi pé èrè kò kù mọ́. Mo ka ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e, iye aṣọ tí wọ́n tà ló ń sọ. Mo ka èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, iye tí wọ́n ń ra ohun èlò ló ń sọ. Méjèèjì ló ṣeé ṣe. Ní ìparí orí náà, Bàbá dá a lábàá pé kí wọ́n yá àwọn obìnrin náà lówó, bóyá àbá yẹn bọ́gbọ́n mu tàbí kò bọ́gbọ́n mu sì dúró lórí àmì kékeré kan ṣoṣo tó o fi síbẹ̀. Yọ àmì náà kúrò, dá ọ̀rọ̀ padà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó o sì béèrè.

Ti Àtẹ 4 ló dùn mí jù, nítorí ó rán mi létí ohun tí èmi náà ti ṣe rí. Bàbá to àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí irú aṣọ tí wọ́n ń ṣe: kàmpálà 46, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ 38, àdìrẹ ẹlẹ́kọ 27. Wọ́n kọ 121 sísàlẹ̀. O rò ó pọ̀, ó jẹ́ 111, o sì yí 121 padà sí 111. Ìṣirò rẹ pé. Àmọ́ wo ọwọ́ ọ̀tún àtẹ náà, ibi tí wọ́n kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sí: 38, 31, 22. Fi 111 pín 46, wàá rí 41. Fi 121 pín in, 38 ló máa jáde. 38 nínú 121 jẹ́ 31, 27 nínú 121 sì jẹ́ 22. Ó túmọ̀ sí pé nígbà tí Bàbá ń ṣe ìṣirò yẹn, ènìyàn 121 ló wà níwájú wọn. Tún wò ó: ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pé ọgọ́rùn-ún, 91 péré ni. Èyí tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ènìyàn 10 nínú 121 mu, 10 yẹn gan-an sì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín 111 àti 121. Kì í ṣe àpapọ̀ ló ṣì. Ìlà kan ló bọ́ sílẹ̀ nínú àtẹ náà, bóyá nígbà tí wọ́n ń dà á láti inú fáìlì mìíràn. Bí Bàbá bá gba 111 rẹ, ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n lọ bá ní ṣọ́ọ̀bù wọn á pòórá kúrò nínú ìjábọ̀, àwọn ìdá náà á sì di irọ́ lórí ojú ewé kan náà.

Èmi náà ti tún àpapọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí fún ilé iṣẹ́ kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà ló pè mí lẹ́yìn oṣù méjì láti bi mí léèrè ibi tí ìlà karùn-ún wà. Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ kan iye kankan. Mo máa ń rò ó pọ̀, mo máa ń fi ìdá dán an wò, mo sì máa ń béèrè.

Ibi tó o máa béèrè sí náà ní ìlànà. Má fi ohun tí kò dá ọ lójú ṣe àtúnṣe nínú fáìlì, kó o wá rò pé ìwé kékeré á ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé, bí wọ́n bá ti rí i pé iṣẹ́ rẹ dára ní ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́, `Accept All Changes` ni wọ́n máa tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì wọlé pọ̀. Ṣùgbọ́n `Comment` kì í bá a lọ, ẹ̀gbẹ́ ojú ewé ló máa dúró sí títí ẹnìkan á fi dá a lóhùn tàbí tí á fi pa á rẹ́. Nítorí náà, fi ọ̀rọ̀ Bàbá sílẹ̀ bó ṣe wà, fi ìbéèrè rẹ sí `Comment`, kó o sì tún kọ ìbéèrè náà sínú ìwé kékeré. Ìbéèrè méje ni mo rí nínú orí mẹ́ta yìí. Bó o bá rí ju mẹ́wàá lọ nínú gbogbo iṣẹ́, àwọn tó lè yí ìtumọ̀ padà nìkan ni kó wọ inú ìwé, kí ìyókù dúró sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé.

Ní ti bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, má tọrọ àforíjì ní gbogbo ìlà. Bó o bá ń sọ "ẹ má bínú pé mo fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yín" lẹ́ẹ̀mẹ́fà, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó yẹ kí àwọn bínú sí. Kí wọn bó ti yẹ, kó o sì jẹ́ kí òfin sọ̀rọ̀: "àkọtọ́ 1974 ya 'ń' sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìṣe" sàn ju "ẹ ṣi 'ńlọ' kọ" lọ. Níbi ìbéèrè, sọ ohun tó o rí, sọ ọ̀nà méjì tó lè gbà jẹ́, kó o sì dúró. Mo bá ọ kọ ọ́ báyìí, kó o yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú orí tó kù:

> Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọpọlọ. Mo ti ka ìjábọ̀ yín tán. Àwọn àtúnṣe wà nínú fáìlì, ẹ lè gbà wọ́n tàbí kí ẹ kọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè ló ṣáájú, nítorí ẹ̀yin nìkan lẹ lè dáhùn wọn.
>
> Orí kẹta, Àtẹ 4: ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 111, àpapọ̀ sì jẹ́ 121. Àwọn ìdá tí ẹ kọ bá 121 mu, ó sì jọ pé ìlà kan tó ní ènìyàn 10 ti bọ́ sílẹ̀. N kò yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo àkọsílẹ̀ yín.
>
> Orí kẹrin, ìlà àkọ́kọ́: ṣé "owó" àwọn aláàdìrẹ ló dín kù ni, àbí "òwò" wọn? Méjèèjì bá ohun tó tẹ̀ lé e mu, àbá tó wà ní ìparí orí náà sì dúró lórí èyí tí ẹ bá mú. Mo fi í sílẹ̀ láìní àmì.
>
> Ohun tí mo yí padà: mo mú àkọtọ́ bá ti 1974 mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin (aiye di ayé, enia di ènìyàn, nwọn di wọ́n, ńlọ di ń lọ), torí pé ti àtijọ́ àti ti òde òní jọ wà nínú rẹ̀. "Ẹ̀kọ́" tó bọ́ sí ipò "Èkó" àti inú "ẹlẹ́kọ", `Replace All` ló fà á, mo ti dá wọn padà. Mo fi àmì ohùn sí ibi tí kò sí, àfi ibi tí mo béèrè.
>
> Ohun tí mo ṣe láìfi àmì hàn: mo yọ àlàfo tó pọ̀ jù, mo sì jẹ́ kí wọ́n tẹ gbogbo lẹ́tà alámì ní ọ̀nà kan ṣoṣo, kí `Find` lè máa rí wọn.
>
> Ohun tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ẹ fà yọ láti inú ìwé ìròyìn 1859, ohùn Ẹ̀gbá àwọn ìyá aláró, àti gbogbo iye inú àtẹ.

Wò ó pé ìbéèrè ni mo fi ṣáájú. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, Bàbá lè má kà á dé ibẹ̀, pàápàá bí ojú bá ti ń dùn wọ́n. Àti pé mi ò dárúkọ ojú ewé kankan. Tí àtúnṣe 1,300 bá wọlé, ojú ewé á sún, ohun tó wà ní 41 lónìí lè wà ní 39 lọ́la. Orí, àtẹ àti ìlà àkọ́kọ́ kì í sún.

Kó o tó fi ránṣẹ́, da fáìlì náà kọ ní ẹ̀dà kan, tẹ `Accept All Changes` nínú ẹ̀dà yẹn, kó o wá ka gbogbo ibi tó o dárúkọ nínú ìwé kékeré lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí 111 bá ṣì wà nísàlẹ̀ Àtẹ 4, o ti gbàgbé láti yọ àtúnṣe rẹ kúrò.